"Each of the students have" ni àbí "has"? Ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ l'Ádó-Èkìtì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ máa bọ̀ níwájú, àga ṣì wà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kọ́ńkọ́ọ̀dù fún ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń múra Wáẹ̀kì àti Jáǹbù, àti fún àwọn tíṣà tó kó yín wá, mo wá rò ó títí, mo ní tí mo bá ní gbogbo kọ́ńkọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ sọ lónìí ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa síbí, kò sì ní sí èyí tó máa yé ẹnikẹ́ni dáadáa, nítorí náà gbólóhùn kan péré ni mo mú wá. Òun ni mo ti kọ sójú pátákó kẹ́ ẹ tó wọlé:

"Each of the students have submitted their forms."

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú gbólóhùn yìí bá olùwà ẹ̀ mu ní iye? Ìyẹn ni pé, tí olùwà bá jẹ́ ẹyọ kan, ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń bá ẹyọ kan lọ, tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀, ṣé ó ń bá ọ̀pọ̀ lọ? Ẹni tó bá gbà pé ó bá a mu, kó nawọ́.

Ẹ ṣeun. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Àwọn tó nawọ́ pọ̀ ju àwọn tí ò nawọ́ lọ, mo sì rí ọwọ́ tíṣà méjì láàárín wọn, kò sì sóhun tó burú ńbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú un wá. Ìdáhùn ni pé kò bá a mu. Olùwà gbólóhùn yìí ẹyọ kan ni, "have" sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀, "has" ló yẹ kó wà ńbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ báyìí kó má baà di àlọ́, ohun tó kù ni ká jọ wo ìdí ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ti há a sórí pé "each" máa ń gba "has", síbẹ̀ ẹ nawọ́. Ohun tó wà lórí ò dé ọwọ́, etí ti tàn wá kí orí tó ráyè sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi témi àti gbólóhùn yìí ti pàdé. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, wọ́n gbé mi lọ sílé-ìwé girama kan ní ìlú kékeré kan lọ́nà Ìkọ̀lé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n fi mí ṣe tíṣà kíláàsì àwọn ọmọ tó ń lọ jáde lọ́dún náà. Ọmọ 43 ni wọ́n. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, fọ́ọ̀mù méjì méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá, ọ̀kan tí ọmọ fúnra ẹ̀ á kún, ọ̀kan tí òbí á sáìn. Mo gba fọ́ọ̀mù fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ń tò ó léra lórí tábìlì mi, mo ń fi rọ́bà so ó, nígbà tó yá ó ga tó ìṣáàsùn, mo wò ó, mo ní à, wọ́n ti mú un wá tán. Mo ya bébà kan, mo kọ gbólóhùn tẹ́ ẹ̀ ń wò lójú pátákó yẹn sí i, mo sáìn ín, mo ní kí ọmọ kan gbé e lọ fún Pírínsípà.

Obìnrin àgbà ni Pírínsípà wa nígbà yẹn, tíṣà Òyìnbó lòun náà kó tó dé ipò. Kò pẹ́ tí bébà mi fi padà dé. Ó ti fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ méjì po nínú ẹ̀, ó yí "have" po, ó sì yí "forms" po, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá: "Tíṣà, ṣé o kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àbí o wò wọ́n lókìtì?"

Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn fún ìgbà díẹ̀, torí ohun tó bi mí yẹn ni gbogbo kọ́ńkọ́ọ̀dù tó wà nínú gbólóhùn náà.

Ẹni tó bá ti ra iṣu lọ́jà Ọba níbí á mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá oníṣu, wọ́n ti to iṣu kalẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, ẹ lè bi wọ́n pé "èló lòkìtì yìí?", wọ́n á sọ iye fún yín, ẹ sì lè bi wọ́n pé "èló lẹyọ kọ̀ọ̀kan ẹ̀?", wọ́n á sọ iye míì. Iṣu kan náà lẹ jọ ń wò o, kò sí èyí tó rá, kò sí èyí tó lé, àmọ́ nígbà àkọ́kọ́ márààrún lẹ jọ gbá mú pọ̀, nígbà kejì ẹyọ kan lẹ mú nílẹ̀, ẹ wò ó, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tún mú òmíì. Ohun tí "each" ń ṣe lédè Òyìnbó nìyẹn gan-an. Kì í gbé òkìtì, ẹyọ ló ń mú. Lóòótọ́ iṣu tó wà nílẹ̀ pọ̀, ọmọ tó wà ní kíláàsì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni "each" ń di mú nígbàkúùgbà, ó sì ń sọ ohun kan náà nípa ọ̀kan yẹn kó tó lọ bá ìkejì. Nítorí náà ẹyọ ni kọ́ńkọ́ọ̀dù ń kà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá olùwà náà kàn. Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ bi í pé ta ló ṣe é. Ta ló fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ yín á sáré sọ pé "students", torí òun ló sún mọ́ "have" jù, òun náà sì ni èèyàn tó ń mú fọ́ọ̀mù wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí "students" jókòó sí: ẹ̀yìn "of" ló wà. "Of the students" kàn ń sọ fún wa ibi tí a ti ṣa ẹyọ náà ni, bí ìgbà tẹ́ ẹ ní "ọ̀kan nínú iṣu wọ̀nyí". Tí mo bá ní "ọ̀kan nínú iṣu wọ̀nyí ti rà", ẹyọ mélòó ló rà? Ẹyọ kan ni. Kò sẹ́ni tó máa da gbogbo òkìtì nù torí pé mo pe orúkọ òkìtì. "Each" ni orí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, "of the students" ìrù ni, orí ni ọ̀rọ̀-ìṣe sì máa ń tẹ̀ lé. Ẹ fi ọwọ́ bo "of the students" lójú pátákó, ẹ ka ohun tó kù: "Each have submitted." Ó ti ń dún bákan létí, àbí? Ẹ wá fi "has" síbẹ̀: "Each has submitted." Ó jókòó.

Ní báyìí, kí ló dé tí etí wa ò fi kígbe nígbà tí "of the students" wà láàárín?

Ohun méjì ló fà á, ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo ayé, ìkejì jẹ́ tiwa. Ti gbogbo ayé ni pé ọ̀rọ̀ tó bá sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń fà á mọ́ra. Lọ́dún 1991, àwọn obìnrin onímọ̀ méjì kan, Kathryn Bock àti Carol Miller, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ohun yìí gan-an. Wọ́n á fún àwọn tó gbọ́ Òyìnbó látinú ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, wọ́n á ní kí wọ́n parí ẹ̀, bí àpẹẹrẹ "The key to the cabinets", ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan tó jẹ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù púpọ̀. Àwọn tó fi Òyìnbó bọ́ sáyé wọ̀nyí náà ń ṣàṣìṣe níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi "are" síbi tí "is" yẹ kó wà, torí "cabinets" ti wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tó tún ṣe mí ní kàyéfì níbẹ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lódìkejì. Tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló pọ̀, tí kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ ẹyọ kan, wọn kì í sábà ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ló ń fa ẹyọ, ẹyọ kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ọ̀pọ̀. Ẹ wá wo gbólóhùn tiwa padà: "each" ẹyọ ló wà lókèèrè, "students" ọ̀pọ̀ ló wà nítòsí. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù gan-an ló wà.

Ti èkejì tó jẹ́ tiwa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ pẹ̀lú Yorùbá fúnra ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Kí ló yí padà lára "ti lọ"? Kò sóhun tó yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í ka orí èèyàn. Ẹyọ kan lọ ni, ẹgbẹ̀rún lọ ni, "lọ" náà ni. Ibi tí a ti ń fi iye hàn ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, "ó" fún ẹyọ, "wọ́n" fún ọ̀pọ̀, àti "àwọn" tí a ń fi síwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Nítorí náà ọmọ tó gbọ́ Yorùbá láti ilé, etí ẹ̀ ò kọ́ láti máa dúró de ọ̀rọ̀-ìṣe kó lọ wò ó bóyá ó ka iye. Kì í ṣe pé kò gbọ́n o, ilé kan náà la ti wá, èdè wa ni kò fún etí níṣẹ́ yẹn ṣe. Mi ò fẹ́ràn kí tíṣà máa na ọmọ nítorí "have" àti "has", torí ọmọ náà ń gbọ́ Òyìnbó pẹ̀lú etí tí Yorùbá fún un ni, ohun tó yẹ ni ká fi ibi tó yẹ kó gbọ́ ọ hàn án.

Ibi tó sì wù mí jù lọ́rọ̀ yìí nìyí, pé Yorùbá tó dà bí ẹni pé ó kó wa sínú ìṣòro náà ní irinṣẹ́ tó lè yọ wá. A ní ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ "each" gẹ́lẹ́, òun ni "kálukú". Ẹ wo bí a ṣe ń lò ó. "Kálukú ti mú tirẹ̀." Ṣé ẹnìkan máa ń sọ pé "kálukú ti mú tiwọn", tó sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ kékeré? Rárá, á dún bíi pé wọ́n lọ mú ti àwọn ẹlòmíì wá. "Kálukú ló mọ ohun tó ń ṣe òun." "Kálukú padà sílé rẹ̀." Bí èèyàn bá tiẹ̀ pọ̀ tó ẹgbẹ̀rún ní pápá, tẹ́ ẹ bá ti sọ pé "kálukú" báyìí, "rẹ̀" ẹyọ kan ló ń tẹ̀ lé e. Ẹnu wa ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, kò sí tíṣà tó kọ́ wa. Nítorí náà nígbà tí "each of the" bá yọjú níwájú yín, ẹ yí i sí "kálukú" nínú yín. Tí gbólóhùn náà bá gba "kálukú ... tirẹ̀", ẹyọ kan lẹ̀ ń bá lò, "has" ni, "is" ni, "was" ni, "does" ni. Tó bá jẹ́ pé "gbogbo wọn ... tiwọn" ló ń wá sẹ́nu yín, á jẹ́ pé "all" ni ọ̀rọ̀ tó wà lókàn yín, ẹ lọ kọ "all", kẹ́ ẹ wá fi "have" tẹ̀ lé e. "All the students have submitted their forms" dára láìní àbùkù kankan, kò sẹ́ni tó máa yí i po ní pupa.

Ẹnìkan ń nawọ́ lẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tí "each" bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ni "their" wá ń ṣe níbẹ̀, ṣé òun náà ò jẹ́ àṣìṣe ni? Mo ti ń retí ìbéèrè yìí.

Ibi méjì ni iye ti ń jáde nínú gbólóhùn náà, ọ̀kan lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, àwọn méjèèjì ò sì le bákan náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe le, nínú ìwé tí a kọ pẹ̀lú ìmúra "has" ni. Ṣùgbọ́n "their" fún ẹnìkan tí a ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ti wà nínú Òyìnbó fún ohun tó lé ní 600 ọdún, kì í ṣe ohun tí àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ẹ wo ìdí tó fi wà. Àwa ní "rẹ̀". "Kálukú ti mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá", ọkùnrin wà ńbẹ̀, obìnrin wà ńbẹ̀, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà yọ sílẹ̀. Òyìnbó ò ní irú "rẹ̀" yẹn fún èèyàn. "His" ní, ti ọkùnrin, "her" ní, ti obìnrin. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn tíṣà gírámà ní kí a máa fi "his" bo gbogbo wọn, àwọn kan wá ní kí a máa kọ "his or her", tó máa ń gùn lẹ́nu, àmọ́ àwọn èèyàn tó ń sọ èdè náà lójoojúmọ́ ti yá "their" lò fún iṣẹ́ náà tipẹ́tipẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní báwo ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ṣe lè dúró fún ẹyọ kan, Yorùbá ló yẹ kó yà lẹ́nu kẹ́yìn. Bàbá yín wọlé, bàbá kan ṣoṣo, ẹ ní "Bàbá ti dé, wọ́n ti ń jẹun." Ta ni "wọ́n"? Bàbá méjì ni? "Mọ́mì gbàgbé pọ́ọ̀sì wọn sílé." Ṣé àwọn mọ́mì pọ̀ ni? Ọ̀wọ̀ la fi ń ṣe é, èèyàn kan ló dúró níbẹ̀, "wọn" la sì ń pè é. "Their" ti Òyìnbó kì í ṣe ti ọ̀wọ̀, ti àìmọ ọkùnrin tàbí obìnrin ni, ṣùgbọ́n ohun tí èdè méjèèjì ṣe jọra: wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ wọ ẹyọ kan láṣọ, ẹyọ náà sì wà ní ẹyọ. Nítorí náà "Each of the students has submitted their form", "has" pẹ̀lú "their", kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa bó ṣe dà bíi pé ó yẹ kó ṣe. Ibi tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé "their" yẹn máa ń fa "have" wọlé padà. Ẹ ti kọ "their", ọkàn yín ti di ọ̀pọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ rí "has", ẹ ní kò bá ara wọn mu, ẹ pa á, ẹ fi "have" síbẹ̀. Mo ti rí i nínú ìwé àwọn ọmọ mi, wọ́n kọ "has" dáadáa tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn pa á.

Fún Wáẹ̀kì, ẹni tó bá fẹ́ fọkàn balẹ̀ kó kọ "a form" tàbí "the form", kó má fi "their" síbẹ̀ rárá, torí ẹni tó ń máàkì lè jẹ́ ẹni tó ṣì fẹ́ "his or her". Nínú àròkọ Wáẹ̀kì tó ń gba máàkì 50, 10 jẹ́ ti gírámà, síbẹ́líìǹgì àti àmì, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ ààbọ̀ máàkì. Ààbọ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irú ẹ̀ mẹ́jọ nínú ojú ewé méjì, ẹ bá a ṣírò ẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, pé kẹ́ ẹ fọwọ́ bo "of the students". Ó ṣiṣẹ́ fún "each", ó ṣiṣẹ́ fún "one", "either", "neither" àti "every one", torí àwọn wọ̀nyí ní iye tiwọn nínú ara wọn, ẹyọ ni wọ́n, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé wọn sí. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ṣe é fún "some", "all" àti "most" o. Àwọn yẹn ò ní iye tiwọn, ẹ̀yìn "of" ni wọ́n ti ń yá a. "Some of the water has spilled", omi ò ṣeé kà, "has" ni. "Some of the students have gone", ọmọ ṣeé kà, wọ́n sì pọ̀, "have" ni. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ bo ẹ̀yìn "of" níbẹ̀, ẹ ti bo ibi tí ìdáhùn wà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn tíṣà kan ń kọ́ ọmọ pé "ohun tó bá wà lẹ́yìn 'of' kò kàn wá", òfin yẹn ò péye, òun ló sì ń kó àwọn ọmọ tó gbọ́n jù sí wàhálà, torí wọ́n á mú un lọ síbi tí kì í ti í ṣiṣẹ́. "None" ní tiẹ̀ máa ń gba méjèèjì lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ, ẹ má jẹ́ kó gbà yín lákòókò.

Ibòmíì tí "each" ti ń dọ́gbọ́n ni ìgbà tó bá fi iwájú sílẹ̀. "The students each have submitted a form", tàbí "The students have each submitted a form." Níbí "have" ló tọ̀nà! Ẹni tó kàn há a sórí pé "each" ń gba "has" á kọ "The students each has", yóò sì ṣì í. Kí ló ṣẹlẹ̀? Orí ti kúrò lọ́rùn "each". "The students" ló jókòó síwájú láìní "of" kankan lórí, òun ni olùwà, ọ̀pọ̀ sì ni, "each" kàn wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti sọ pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe é. Ní Yorùbá, ẹ wo "Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé" àti "Wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan". Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú ti kejì "wọ́n" ló dé, "lọ́kọ̀ọ̀kan" ń sọ bí wọ́n ṣe dé ni. Ìyàtọ̀ yẹn náà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ọ̀nà tó rọrùn jù, tí kò ní fún etí láyè àtiṣìnà rárá, ẹ yọ "of the" kúrò: "Each student has submitted a form." "Student" ẹyọ ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí ọ̀pọ̀ kankan nítòsí tó máa fà á. Èmi fúnra mi, tí mo bá ń kọ lẹ́tà báyìí, bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì tún mọ̀ pé ìṣòro yìí ò sí rárá tó bá jẹ́ "submitted" lásán lẹ kọ, "Each of the students submitted a form yesterday", torí ọ̀rọ̀-ìṣe àná kì í yí padà fún ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀, àfi "was" àti "were" nìkan. "Have" tí a fi síwájú "submitted" ló gbé iye náà dání, "submitted" fúnra ẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ó ku "forms" tí Pírínsípà yí po. Ìyẹn kì í ṣe ti olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ló ń gbé. Yorùbá tún fi wá sílẹ̀ níbí, torí "fọ́ọ̀mù" kan náà ni fún ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá mú ẹyọ kan wá, "form" ló bá "each" lọ. Tó bá jẹ́ méjì méjì, "forms", tàbí kí a kúkú sọ iye ẹ̀, "both forms". Bí mo ṣe kọ "forms", ẹni tó ń kà á ò lè mọ̀ bóyá méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan mú wá ni, àbí èmi ni mo ń wo gbogbo òkìtì tó wà lórí tábìlì.

Òkìtì ni mo sì ń wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo tú rọ́bà, mo gbé rẹ́jísítà síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi bírò máàkì méjì síwájú orúkọ ẹ̀ bí mo bá rí méjèèjì. Ọmọ 43 ní ìlọ́po méjì, fọ́ọ̀mù 86 ló yẹ kó wà ńbẹ̀. 83 ni mo bá. Ọmọ mẹ́ta ni bàbá tàbí ìyá wọn ò tíì sáìn tiwọn, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan tí ìyá ẹ̀ ń ṣòwò lọ́nà Ìjẹ̀ṣà tí kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Gbólóhùn mi sọ pé kálukú ti mú tirẹ̀ wá, irọ́ ni, mi ò sì mọ̀ pé irọ́ ni torí mi ò ka kálukú. Tí mo bá ti kọ "has" síbẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀, tí mo mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bi mí, bóyá mo ti dìde lọ gbé rẹ́jísítà kí n tó sáìn. Kì í ṣe "have" ló sọ ọ́ di irọ́ o, "has" náà ì bá jẹ́ irọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n "have" ló jẹ́ kí obìnrin yẹn mọ̀ láti inú ọ́fíìsì ẹ̀ pé òkìtì ni mo wò.

A rán sí àwọn òbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fọ́ọ̀mù tó kù dé ní Jímọ́, ti ọmọbìnrin yẹn ló dé gbẹ̀yìn, ìyá ẹ̀ gbé e wá fúnra ẹ̀ tòun ti eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀, ó sáìn ín lórí tábìlì mi. Mo tún bébà míì kọ, mo kọ "Each of the 43 students has submitted both forms", mo gbé e lọ fúnra mi. Wọ́n kà á, wọ́n fi bírò pupa sáìn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ fi sí fáìlì.

Ó yá, ìbéèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nawọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ máa kọ́kọ́ bi mí.